Ìdí tí ṣáàfù yín fi gbówó lórí, àti àwọn ìwọ̀n tí a lè dẹ̀ lára rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Àwòrán ṣáàfù 50 tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ẹ bi wá léèrè ìdí tí iye tí a pè fi ju ohun tí ẹ ní lọ́kàn lọ. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìlà kan ṣoṣo ní igun ìsàlẹ̀ àwòrán náà, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbogbo ìwọ̀n tí a kò bá kọ tóléránsì tirẹ̀ sí i lára jẹ́ ±0.02 mm. Ìlà yẹn ló ń jẹ yín lówó jù lọ, mo sì rò pé kì í ṣe pé ẹ dìídì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti ara àwòrán àtijọ́ kan bọ́ sórí tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Mo fẹ́ ká jọ tò ó wò ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀: ohun tí ±0.02 ń bèèrè lọ́wọ́ wa, ìwọ̀n tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, èyí tí a lè dẹ̀ láìsí ewu, àti ohun tí ẹ máa yí padà lórí àwòrán. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ̀yin fúnra yín á lè fi ojú kan náà wo àwòrán èyíkéyìí tí ẹ bá tún fẹ́ fi ránṣẹ́.

Ká lè máa sọ ohun kan náà, ipele mẹ́rin ló wà lára ṣáàfù náà. Láti apá òsì, ibi tí béárìn àkọ́kọ́ máa jókòó sí nípọn 25 mm, ó sì gùn ní 20 mm. Ara àárín tẹ̀ lé e, ó nípọn 32 mm, ó gùn ní 90 mm. Ibùjókòó béárìn kejì tún nípọn 25 mm, ó gùn ní 30 mm. Ní ìparí, ibi tí púlì máa wọ̀ nípọn 20 mm, ó gùn ní 40 mm, ojú kíì sì wà lára rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 180 mm. Ibùjókòó béárìn méjèèjì ní tóléránsì tiwọn, k6. Ti púlì náà ní tirẹ̀, h6. Fífẹ̀ ojú kíì ní tirẹ̀, N9. Gbogbo ìyókù wà lábẹ́ ±0.02.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun tí ±0.02 ń bèèrè lọ́wọ́ wa

Tóléránsì ni àyè tí a fún ìwọ̀n kan láti fi tóbi díẹ̀ tàbí kéré díẹ̀, tí iṣẹ́ náà á sì ṣì dára. Ẹ jẹ́ ká mú gígùn ṣáàfù náà, 180 mm. Láàárín èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù tí ẹ lè gbà, àyè tó wà níbẹ̀ kò ju 0.04 mm lọ.

Irin máa ń wú tó bá gbóná. Irin tí a fi ń ṣe ṣáàfù máa ń gùn sí i ní nǹkan bíi 0.0115 mm lórí mítà kan, fún ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo tó bá lé sí i. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń rí lójú iṣẹ́. Ìwọ̀n tó wà lórí àwòrán dúró lórí 20 °C, bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí i káàkiri ayé nìyẹn. Òṣìṣẹ́ wa fá ojú ìparí ṣáàfù tán lórí léètì, irin náà ṣì wà ní 40 °C nítorí ooru ọ̀bẹ. Ó wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó rí 180.00 gan-an, inú rẹ̀ sì dùn. Kí ṣáàfù náà tó tutù dé 20 °C, ó ti sún kì ní nǹkan bíi 0.04 mm, ó ti di 179.96. Èyí tó kúrú jù tí àwòrán gbà jẹ́ 179.98. Ṣáàfù yẹn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ náà kò ṣe àṣìṣe kankan ní ti ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí a ní láti ṣe nìyẹn: a máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ lára irin náà, a máa gbé e kalẹ̀ kó tutù, a máa wọ̀n ọ́n, a máa tún gbé e padà sórí léètì, a máa fá ìwọ̀nba tó kù, a máa tún dúró kó tutù, a máa tún wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ ±0.5 ni, a máa fá a lẹ́ẹ̀kan, a máa wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì gbóná, a máa kọjá sí òmíràn. Ìyípadà tí ooru mú wá kò lè dé ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè tó wà.

Ọ̀rọ̀ ohun èlò ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀. Àwa tó ń gé irin ní òfin kan tí a máa ń tẹ̀ lé: ohun tí a fi ń wọn nǹkan gbọ́dọ̀ lè rí ìyàtọ̀ tó kéré tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tóléránsì náà. Tí àyè bá jẹ́ 0.04 mm, ohun èlò náà gbọ́dọ̀ rí 0.004 mm. Fẹ́níà tí a máa ń gbé káàkiri ilé iṣẹ́ kò lè rí ìyàtọ̀ tó kéré ju 0.02 lọ, iye tó ń kà sì tún lè yẹ̀ pẹ̀lú bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Nítorí náà, maikirómítà ńlá tó ń wọn láti 175 dé 200 mm la máa lò, a sì ní láti fi ọ̀pá ìdíwọ̀n tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ṣáàfù kan ṣoṣo ní ìwọ̀n mẹ́fà tàbí méje tó wà lábẹ́ ìlà ±0.02 yẹn. Ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ wákàtí ni òṣìṣẹ́ kan máa fi máa wọn nǹkan, tí kò ní gé irin kankan.

Ìkẹta ni pé ẹnu ọ̀bẹ léètì máa ń kú. Bó ṣe ń gé irin ni imú rẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀, irin tó bá sì gé lẹ́yìn náà á máa nípọn ju ti ìṣáájú lọ ní ìwọ̀nba. Tí àyè bá gbòòrò, ọ̀bẹ kan lè gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣáàfù ká tó yí i padà. Pẹ̀lú ±0.02, a ní láti máa dá ẹ̀rọ dúró lẹ́yìn ṣáàfù mélòó kan, ká wọ̀n ọ́n, ká tún ọ̀bẹ tò, nígbà mìíràn ká pààrọ̀ ẹnu ọ̀bẹ nígbà tó ṣì lè gé dáadáa, kìkì nítorí pé a kò lè fọkàn tán an mọ́.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí kò sọ nípa èyí tó máa bàjẹ́ dànù. Bí àyè bá ṣe fún tó ni èyí tó máa jábọ́ ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó bá sì fẹ́ gba 50 tó pé máa sanwó irin èyí tó bàjẹ́ pẹ̀lú, yálà ó hàn nínú ìwé iye owó tàbí kò hàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bóyá àwọn ìwọ̀n náà bá ara wọn mu

Kí a tó dẹ ohunkóhun, ohun kan wà nínú àwòrán yín tí kò lè rí bó ṣe wà, bó ti wù kí a sanwó tó. Gígùn ipele mẹ́rin ni wọ́n kọ, 20, 90, 30 àti 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ±0.02. Wọ́n sì tún kọ gígùn àpapọ̀, 180, òun náà pẹ̀lú ±0.02.

Ká ní ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn ju bó ṣe yẹ lọ ní 0.02, èyí tí àwòrán fàyè gbà. Àpapọ̀ wọn á jẹ́ 180.08. Àwòrán kan náà sì sọ pé àpapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 180.02. Gbogbo ipele dára, ṣáàfù kò dára. Kí àpapọ̀ tó lè dúró sínú ±0.02 láìfi tàbí-ṣùgbọ́n kún un, ipele kọ̀ọ̀kan ní láti wà nínú ±0.005. Ìyẹn ni pé ohun tí àwòrán ń bèèrè lọ́wọ́ wa gan-an fún ju ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, lórí gígùn tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò kan nǹkankan.

Bí a ṣe ń tún èyí ṣe rọrùn. Nínú àwọn gígùn tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí a kò ní dè mọ́lẹ̀, kó lè gba gbogbo ìyàtọ̀ àwọn yòókù sára. Ẹ wá èyí tí kò kan iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ẹ fi í sínú àkámọ́, báyìí: (180). Ìwọ̀n tó bá wà nínú àkámọ́ jẹ́ ti ìmọ̀ lásán, a kò ní fi í dá iṣẹ́ padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé, kí ni ó ń kàn?

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ìwọ̀n tó bá ń di nǹkan mú, tàbí tí nǹkan ń yí lórí rẹ̀, ló lẹ́tọ̀ọ́ sí tóléránsì tó fún. Èyí tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń kàn kò nílò rẹ̀.

Ibùjókòó béárìn méjèèjì ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé mi ò ní gbà kí ẹ dẹ̀ wọ́n, kódà tí ẹ bá fẹ́. k6 lórí 25 mm túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 25.002 àti 25.015. Àyè 0.013 mm nìyẹn. Léètì nìkan kò rọrùn láti fi gba irú ìwọ̀n yìí ní gbogbo ìgbà. A máa fi léètì fá a kù díẹ̀, lẹ́yìn náà a máa gbé e lọ sórí ẹ̀rọ olókùúta tó ń lọ irin, tí òkúta rẹ̀ á máa mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó wà níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń rà fún yín. Nínú ẹ̀rọ yín, òrùka inú béárìn ló ń bá ṣáàfù yí, nígbà tí bẹ́líìtì ń fa púlì sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Tí òrùka yẹn bá wọ̀ gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, á máa yọ́ yí lórí ṣáàfù díẹ̀díẹ̀, á sì máa jẹ irin náà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ bá tú u: ojú ibùjókòó náà á ti dán bíi dígí ní ibì kan, lúbúlúbú pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìpẹtà á sì wà níbi òmíràn. Béárìn tuntun kò lè wo ìyẹn sàn, torí ṣáàfù fúnra rẹ̀ ló ti kéré. k6 kò fi àyè sílẹ̀ rárá: níbi tó ti kéré jù, ó ṣì fi 0.002 tóbi ju ìwọ̀n 25 tó wà lórí béárìn lọ. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ara àárín, 32 mm, ni òdìkejì rẹ̀. Kò sí ohun tó ń wọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó ń fi ara ro ó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni pé èjìká rẹ̀ méjèèjì ń dá béárìn dúró kó má baà rìn wọlé. Láti 25 sí 32, èjìká náà ga ní 3.5 mm. Tí a bá fún un ní ±0.3, gíga rẹ̀ á wà láàárín 3.35 àti 3.65, béárìn kò sì ní mọ ìyàtọ̀.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ju ti dídín àkókò kù lọ. Irin tí wọ́n fà tútù ní ilé iṣẹ́ ìrọ́rin, èyí tí ara rẹ̀ máa ń dán, ni a lè rà ní 32 mm gan-an. Wọ́n máa ń tà á pẹ̀lú tóléránsì h9 tàbí h11. Èyí tó gbòòrò jù nínú méjèèjì, h11, lè fi 0.16 mm kéré sí 32, kò sì ní tóbi jù ú lọ. Ìyẹn bọ́ sínú ±0.3 dáadáa. Nítorí náà, a kò ní fọwọ́ kan ara àárín rárá. A máa ra irin náà bẹ́ẹ̀, a máa gé ìpẹ̀kun méjèèjì nìkan, ara àárín á sì wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Pẹ̀lú ±0.02, a ní láti ra irin tó nípọn jù bẹ́ẹ̀, ká wá fi léètì sọ apá tó lé di ìyẹ̀fun àti ìrun irin lásán, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó rẹ̀.

Mo ní láti kìlọ̀ nǹkan méjì nípa irin tí wọ́n fà tútù yìí. Àkọ́kọ́, agbára wà nínú rẹ̀ tó fún mọ́ra láti ìgbà tí wọ́n ti fà á. Tí a bá gbẹ́ ojú kíì sí ẹ̀gbẹ́ kan, agbára ẹ̀gbẹ́ yẹn á tú sílẹ̀, ṣáàfù náà á sì tẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ojú kíì la máa kọ́kọ́ gbẹ́, kí a tó lọ ibùjókòó béárìn. Tí ẹ bá rí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìdàkejì, ẹ gbé ṣáàfù náà sáàárín góńgó méjì, ẹ fi aago ìwọ̀n kàn án, ẹ yí i. Abẹ́rẹ́ aago á máa lọ á máa bọ̀. Èkejì, ara àárín tí a kò fá kò ní wà ní àárín gbùngbùn bíi ti ibi tí a lọ̀. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn kò jẹ́ nǹkankan fún ṣáàfù tó ń yí jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ń yí kíákíá gan-an, ó lè mú un gbọ̀n. Ẹ sọ iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan fún wa. Tó bá jẹ́ 1,500 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, mi ò rí ìdí tí a fi máa fá a. Tó bá ju 3,000 lọ, a máa fá a fẹ́rẹ́, síbẹ̀ kì í ṣe sí ±0.02.

Ó kan àwọn gígùn. 20 àti 30, ìyẹn gígùn ibùjókòó béárìn méjèèjì, kàn ní láti gùn ju béárìn lọ ni. Béárìn yín fẹ̀ ní 15 mm, nítorí náà ±0.2 kò lè pa wọ́n lára. 40 ti púlì gba ìrònú díẹ̀. Tó bá jẹ́ bóòtù àti wásà ní ìparí ṣáàfù ló ń ti púlì mọ́lẹ̀, ibùjókòó náà gbọ́dọ̀ kúrú ju púlì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wásà á kọ́kọ́ kan ṣáàfù kó tó kan púlì, púlì á sì máa mì lórí rẹ̀. Nínú àwòrán yín púlì gùn ní 42 mm, nítorí náà 40 ±0.3 dára. Gígùn àpapọ̀, 180, òpin rẹ̀ kan wà nínú afẹ́fẹ́, ìkejì wà lẹ́yìn béárìn. Òun ni kí a fi sínú àkámọ́. Pẹ̀lú àwọn tóléránsì tí mo dárúkọ yìí, kò lè yẹ̀ ju 1 mm lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ẹ kàn wò ó bóyá ọmọrí tó bo ìpẹ̀kun náà jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí mi ò lè dá pinnu ni 90, ìyẹn àlàfo láàárín èjìká méjèèjì. Ó dúró lórí bí ẹ ṣe de béárìn mọ́nú ilé rẹ̀. Tí ẹ bá ti ọ̀kan pa, tí ẹ sì jẹ́ kí ìkejì lè rìn síwá-sẹ́yìn díẹ̀ nínú ihò rẹ̀, ±0.3 tó, torí béárìn tó lómìnira yẹn fúnra rẹ̀ á wá ibi tó bá a lára mu. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí pé ṣáàfù náà á gbóná lẹ́nu iṣẹ́, á sì gùn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ fi ọmọrí fún béárìn méjèèjì pa láti ìta, 90 ti di ìwọ̀n tó ń di nǹkan mú. Tó bá gùn jù, ọmọrí á máa ti béárìn mọ́ èjìká, béárìn á gbóná, ariwo rẹ̀ á yí padà, kò sì ní pẹ́. Tó bá kúrú jù, ṣáàfù á máa rìn síwá-sẹ́yìn. Kódà lórí irú ìyẹn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbà 90 ±0.1, kí ẹ sì fi páànù tẹ́ẹ́rẹ́ dí àlàfo tó bá kù lábẹ́ ọmọrí nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kò wọ́n bí ±0.02 ṣe wọ́n, ó sì tún ń tún àṣìṣe ilé béárìn ṣe, èyí tí ṣáàfù bó ti wù kó péye tó kò lè tún ṣe.

Ojú kíì kò gùn lọ́rọ̀. Fún ṣáàfù tó nípọn 20 mm, kíì 6 × 6 ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, jíjìn ojú kíì náà lára ṣáàfù sì jẹ́ 3.5 mm, tí wọ́n máa ń fún ní +0.1/0. Ẹ̀gbẹ́ kíì ló ń gbé agbára, òkè rẹ̀ máa ń ní àlàfo. Ẹ jẹ́ kí fífẹ̀ rẹ̀ wà ní N9 bí ẹ ṣe kọ ọ́, kí jíjìn rẹ̀ sì padà sí +0.1/0 tí gbogbo ayé ń lò.

Ẹ lè máa retí pé mo máa sọ pé kí a dẹ ibùjókòó púlì náà, láti h6 sí h7. Lóòótọ́, àyè rẹ̀ á kúrò ní 0.013, á di 0.021, léètì sì lè gba ìyẹn. Tó bá jẹ́ ṣáàfù tí kò ní béárìn ni, ohun tí mo máa sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣáàfù yín ti ń lọ sórí ẹ̀rọ olókùúta tẹ́lẹ̀ nítorí béárìn. Ó ti wà láàárín góńgó méjì níbẹ̀, òkúta ti ń yí, òṣìṣẹ́ kàn máa sún un sí apá púlì ni. Ìṣẹ́jú méjì péré ló máa gbà. Tí a bá dẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba owó ni ẹ máa rí, púlì á sì tún wọ̀ díẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò yẹ. Owó kì í jáde láti inú títú tóléránsì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń jáde nígbà tí ìtúsílẹ̀ náà bá yọ iṣẹ́ kan kúrò pátápátá, bíi fífá, gbígbé kalẹ̀ kó tutù, tàbí pípààrọ̀ ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ohun tó máa dínkù

Ìṣẹ́jú ni mo fi ṣírò, torí òun ni owó yín dúró lé lórí. Èyí ni ìdíyelé wa fún ṣáàfù kan, bí àwòrán ṣe wà báyìí:

- gígé irin, lílu góńgó àti fífá àkọ́kọ́: ìṣẹ́jú 12
- ara àárín 32 ±0.02: ìṣẹ́jú 6
- gígùn ipele mẹ́rin: ìṣẹ́jú 8
- gígùn àpapọ̀ 180 ±0.02: ìṣẹ́jú 9
- ojú kíì: ìṣẹ́jú 10
- lílọ ibùjókòó béárìn àti ti púlì: ìṣẹ́jú 20

Ìṣẹ́jú 65 nìyẹn. Tí ẹ bá gba àwọn àyípadà tí mo dárúkọ, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ 12, lílọ ṣì jẹ́ 20. Ara àárín di òdo. Gígùn ipele di 3, gígùn àpapọ̀ di 2, ojú kíì di 6. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 43. Ìṣẹ́jú 22 ti kúrò lórí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan. Lórí 50, ó ju wákàtí 18 lọ. Ní ti irin, bí àwòrán ṣe wà yìí, mo máa gé irin fún 55 kí n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé 50 á pé. Lẹ́yìn àyípadà, 52 tó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ìyẹn lílọ, kò dínkù rárá. Mi ò fẹ́ kó dínkù. Ibi tí ẹ̀rọ yín ti nílò pípéye ni owó yín ṣì ń lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ẹ máa yí padà lórí àwòrán

Kò pọ̀. Ẹ nu ìlà ±0.02 igun ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi ISO 2768-m rọ́pò rẹ̀. Ìlànà yẹn ti ní tóléránsì tirẹ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bó ṣe tóbi tó: láti 6 kọjá dé 30 mm, ±0.2, láti 30 kọjá dé 120 mm, ±0.3. Gbogbo nọ́ńbà ±0.2 àti ±0.3 tí mo ti ń dárúkọ láti òkè, inú rẹ̀ ni mo ti mú wọn, nítorí náà ẹ kò ní láti kọ wọ́n sí ara ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fi àkámọ́ sí 180. Ẹ kọ jíjìn ojú kíì bíi 3.5 +0.1/0. Ẹ jẹ́ kí k6, h6 àti N9 wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara àárín pé a lè fi irin tí wọ́n fà tútù sílẹ̀ láìfá a, kí ẹni tó máa yẹ iṣẹ́ wò lọ́dọ̀ yín má baà dá a padà nítorí pé kò rí ìlà ọ̀bẹ lára rẹ̀. Irú ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀.

Ohun kan ni mo ní kí ẹ fi kún un, tí kò sí lórí àwòrán tẹ́lẹ̀. k6 ń sọ bí ibùjókòó béárìn ṣe nípọn tó, kò sọ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Ṣáàfù lè ní ibùjókòó méjì tó péye gan-an, kí ọ̀kan sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé tí a bá di ibùjókòó kan mú tí a sì yí ṣáàfù, aago ìwọ̀n lórí ìkejì kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju 0.02 lọ. Kò ní fi owó kún un, torí a máa lọ méjèèjì láìgbé ṣáàfù kúrò láàárín góńgó, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń bọ́ sí ìlà kan náà. Níbí yìí gan-an ni 0.02 ti wúlò fún yín.

Ìdáhùn sí ìbéèrè méjì ló kù kí a tó kọ iye tuntun ránṣẹ́: báwo lẹ ṣe de béárìn méjèèjì mọ́nú ilé wọn, àti ìgbà mélòó ni ṣáàfù náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan? Tí ẹ bá lè ya fọ́tò ilé béárìn náà pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ ní ṣíṣí, ó máa ràn wá lọ́wọ́ ju àlàyé lọ. Tí a bá ti gbọ́ tiyín, ṣáàfù kan la máa kọ́kọ́ ṣe, a máa fi ìwé ìwọ̀n rẹ̀ tì í, kí ẹ tò ó sínú ẹ̀rọ kí a tó gé 49 yòókù.